Ẹ̀fọ́rí Tí Kì Í Dé Ibi Iṣẹ́

Iná kọ́ ló ń fọ́ ọkọ mi lórí. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó, wọn ò gbà. Jórinjórin ni ọkọ mi, èmi ni mo sì ń kun géètì àti fèrèsé tó bá jó tán. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń jẹun nínú ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀fọ́rí wá di ohun tó ń bá a jí láràárọ̀, gbogbo ayé di dókítà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ṣe olórí wọn.

Àǹtí ní, "Ta ni yóò máa wo iná tó mọ́lẹ̀ tó yẹn tí orí ò ní fọ́? Òórùn ọ̀dà ìyàwó ẹ náà tún ń dá kún un. Ta ṣọ́ọ̀bù yẹn, kó o dá ẹ̀mí ara ẹ sí."

Háà! Ọ̀dà tèmi! Mo gbé ìbínú mì, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, mi ò lè dá a lóhùn bó ṣe wù mí. Ó ti bá jórinjórin mìíràn kan tí à ń pè ní Ẹlẹ́nu-Dídùn sọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀bù wa sì ti wọ ìyẹn lójú tipẹ́. Wọ́n fi àdéhùn sí oṣù méjì, pé yóò wá sanwó, kó sì kó gbogbo ẹ̀rọ wa. Ọkọ mi gbà.

Mo ní, "Baba, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Bó bá ń fọ́ ọ bó ṣe ń fọ́ mi ni, wàá ní kí wọ́n bẹ́ ẹ."

Àǹtí ní ká ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì ná, kí ara ẹ̀ sinmi iná. Ó tún gbé ọtí líle kan wá, pé kó máa mu ún díẹ̀ kó tó sùn, kí oorun lè wọra. A ti ṣọ́ọ̀bù. Kò síná, kò sọ́dà. Ọkọ mi ń mu ọtí, ó ń sùn, ó sì ń hanrun débi pé àwọn aládùúgbò ń kí mi kú ìfaradà. Èmi ti kó lọ sí yàrá ọmọ wa obìnrin tipẹ́. Ẹni tó bá lè sùn ti ẹ̀rọ ìlọta, kó máa bọ̀. Àmọ́ kàkà kí ẹ̀fọ́rí náà dín, ńṣe ló le sí i. Bó bá jí, ẹnu ẹ̀ á gbẹ, orí á máa tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún lósì, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò ní lè sọ̀rọ̀. Kí oòrùn tó mú, orí náà á ti fi í sílẹ̀.

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Ẹ̀fọ́rí tó máa ń lọ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù, tó tún wá le sí i nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀bù pa, báwo ló ṣe jẹ́ ẹ̀bi ṣọ́ọ̀bù? Bó bá jẹ́ iná ni, ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kó máa fọ́. Mo sọ fún Àǹtí. Ó ní iná tó ti wọ ara ni. Ẹ gbà mí o!

A tún ṣí ṣọ́ọ̀bù, ká lè parí iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ kí Ẹlẹ́nu-Dídùn tó dé. Nígbà yẹn, ọkọ mi ò lè jókòó kó má sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń kun géètì, òun fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ń hanrun. Ó dédé dákẹ́. Mo rò pé ó jí ni, mo ní, "Ẹ bá mi gbé ẹ̀gbẹ́ kejì." Kò dáhùn. Mo yíjú sí i. Àyà ẹ̀ ń lọ sókè sódò, ikùn ẹ̀ ń jà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọwọ́ síwájú imú ẹ̀, kò sí atẹ́gùn kankan. Bí mo ṣe fẹ́ pariwo báyìí ló mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọrí nínú omi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Kò tiẹ̀ mọ̀. Nígbà tó tún dákẹ́, mo fọ́ ọ létí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ò mí!"

"Mo sùn ni."

"Ẹ̀ ń kú lọ ni!"

Tòun ti ọ̀dà búlúù lẹ́rẹ̀kẹ́ ni mo wọ́ ọ dé ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin tó wò wá béèrè bóyá ẹnu ẹ̀ máa ń gbẹ láàárọ̀, bóyá ó máa ń dìde tọ̀ lóru, bóyá oorun máa ń kùn ún lọ́sàn-án. Ó wọn ọrùn ẹ̀, ó wọn ìfúnpá ẹ̀. Ìfúnpá ti ga. Ó fún wa ní ẹ̀rọ kékeré kan lọ sílé: okùn kan yí àyà ká, ohun kan ń gbá ìka mú, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí imú. Ọkọ mi fi ìyẹn sùn mọ́jú, a dá a padà.

Dókítà ní, "Ọ̀nà ọ̀fun yín ló ń dí bí ẹ bá sùn. Ẹran ara ibẹ̀ ń dẹ̀, ó ń wó lé ọ̀nà. Ẹ̀ ń jà láti mí, atẹ́gùn ò wọlé. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ mí síta ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, iṣan inú orí yín á fẹ̀, orí á máa fọ́. Ọpọlọ á ta yín jí díẹ̀, ẹ óò mí, ẹ óò tún sùn, kò ní yé yín pé ẹ jí. Ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan ṣoṣo kò níye."

"Iná ńkọ́?" ni ọkọ mi bi í.

"Ẹ máa lo ìbòjú yín, ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń jí yín pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí."

Mo bi í léèrè ọtí. Ó ní kó má fẹnu kàn án mọ́, ńṣe ló ń mú kí ọ̀fun dẹ̀ sí i. Oògùn ẹ̀fọ́rí tó ń lò lójoojúmọ́ náà, kó dín in kù, torí àlòjù ẹ̀ lè fa ẹ̀fọ́rí fúnra ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? A ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá la ń pa.

Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀fun kó má bàa dí, pẹ̀lú ìbòmú tí yóò máa wọ̀ sùn. Ọkọ mi fajú ro. "Mo ń wọ ìbòjú ṣiṣẹ́, kí n tún máa wọ̀ ọ́ sùn?" Ó wọ̀ ọ́ ṣá. Àmọ́ ọwọ́ jórinjórin ni ọwọ́ ẹ̀: ó fa okùn ìbòmú yẹn le bí ìgbà tó ń di irin mọ́ bẹ́ǹṣì. Atẹ́gùn ń jò sójú ẹ̀, imú ẹ̀ bó, ó já a sọnù, orí sì ń fọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí Ẹlẹ́nu-Dídùn ń bọ̀ ti wọlé. Ó ní, "Jẹ́ kó kó wọn lọ. Ó ti sú mi."

Inú bí mi gan-an. Mo ní, "Ìwọ baálé yìí! Bí wọ́n bá fún rọ́bà ẹnu agolo gáàsì le jù, kí ló ń ṣe?"

Ó wò mí. "Ó ń jò."

"Ẹ̀hẹ́n!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó tú okùn náà, ó dùbúlẹ̀, ó tan ẹ̀rọ, ó ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ibi tó ń jò bó ṣe ń wá a lára páìpù gáàsì, títí kò fi jò mọ́. Èmi náà kó padà sórí bẹ́ẹ̀dì wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ̀rọ̀. Mo sún mọ́ ọn.

"Ó tún fọ́ ni?"

"Mò ń wá a ni," ló wí. "Mi ò rí i."

Omijé bọ́ lójú mi, mi ò tijú. Òun náà dìde, ó ń jó káàkiri yàrá láìsí orin. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló rí títí di Sátidé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ẹlẹ́nu-Dídùn gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé, Àǹtí jókòó síwájú. Iná ń tàn yòò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi gbé ìbòjú sókè.

"Kí lo ṣì ń jó irin sí?" ni Àǹtí pariwo. "Orí ẹ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́rùn mi, Àǹtí. Kò fọ́. Oorun mi ló ń fọ́ ọ, a sì ti tún un ṣe. Mi ò tà mọ́."

Àǹtí wo ojú ẹ̀ tó ń dán, ó wò mí, ó tún wò ó. Ó ní, "Ìyàwó, o ṣeun." Láti ẹnu Àǹtí! Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò tètè dìde.

Ẹlẹ́nu-Dídùn ní, "Ọ̀gá, ṣé òfo ni mo wá rù padà?"

"Òfo kẹ̀? Ìyàwó mi ti kun géètì méjì, àwọn tó ni wọ́n ń retí, ọkọ̀ ẹ ló sì máa gbé wọn lọ. Bọ́ sílẹ̀, bá mi gbé ẹ̀gbẹ́ kejì."

Ó bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì gbé wọn sínú ọkọ̀.