Arúgbó Kan

Hajarat fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Ọjà Tuntun, ó fi ìborùn bo imú nítorí ọyẹ́, ó ń wo ẹnu ọ̀nà ọjà bí ọdẹ tó ń ṣọ́ olè. Àwọn tó kírun àsùbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní mọ́ṣáláṣí ni. Lórí fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni háíkù mẹ́ta wà, ewì kúkúrú onílà mẹ́ta bíi ti àwọn ará Japan, èyí tí Abdulwaris, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní kíláàsì ewì, kọ nípa ìdájí ọjà. Bí kò bá rí ohun tó fi hàn níbí pé ọmọ náà mọ ọjà yìí lóòótọ́, ọ̀sán òní ni yóò fa ọmọ náà lé ìgbìmọ̀ ìbáwí lọ́wọ́, pé ẹ̀rọ AI ló bá a kọ ọ́. Ọmọ náà yóò sì pàdánù ọdún kan gbáko nílé ẹ̀kọ́.

Ó tún kà á.

*Ọyẹ́ ìdájí—*
*èèpo àlùbọ́sà*
*ń tẹ̀lé ẹsẹ̀.*

*Ìrun ti parí—*
*omi ẹja ń ṣàn lọ*
*láàrin bàtà.*

*Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀—*
*ẹsẹ̀ arúgbó kan ń wá*
*bàtà rẹ̀ kejì.*

Gbogbo ohun tí ó kọ́ wọn ló wà níbẹ̀. Sílébù márùn-ún, méje, márùn-ún. Ọyẹ́, ọ̀rọ̀ tí ń sọ ìgbà tí a wà nínú ọdún, ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìdádúró tó pín ewì sí méjì, kí àwòrán kan kọjú sí èkejì láìsí àlàyé. Àléébù kan ṣoṣo ni pé ìlà àárín ewì kẹta lé: sílébù mẹ́jọ ni. Ọmọ tó máa ń sùn ní ìjókòó ẹ̀yìn kíláàsì, tí kì í nawọ́ dáhùn ìbéèrè, níbo ló ti rí ewì báyìí?

Ohun tó sì mú ìfura rẹ̀ le jù ni pé kò sí ojú ènìyàn kankan nínú ọjà inú ewì náà. Ẹsẹ̀, ilẹ̀, bàtà. Ta ló ń dé ọjà tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni? Ẹ̀rọ tí kò lójú ni.

Nígbà tó pè é sí ọ́fíìsì lánàá, gbólóhùn kan ṣoṣo ló rí gbà lẹ́nu rẹ̀.

“Èmi ni mo kọ ọ́, mà.”

“Ìgbà wo lo dé ọjà kẹ́yìn?”

Ọmọ náà wolẹ̀, kò fèsì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Hajarat ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí ẹ̀bi.

“Ẹ yà lọ́nà o! Ẹ̀yìn yín o!”

Alábàárù kan ń bọ̀, àpò àlùbọ́sà wúwo lórí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Èèpo àlùbọ́sà ń já bọ́ lára àpò náà, afẹ́fẹ́ ń yí wọn tẹ̀lé e. Hajarat yà fún un. Ẹsẹ̀ alábàárù náà dúró gbagidi níwájú bàtà rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” ni ohùn kan wí lábẹ́ ẹrù.

Abdulwaris ni. Kò tíì gbójú sókè.

Hajarat tẹ̀lé e dé ibi tó ti sọ ẹrù kalẹ̀. Ọmọ náà nu òógùn, ó ń wo ilẹ̀.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Àwọn ẹgbẹ́ mi ò mọ̀ pé mo ń ru ẹrù, mà.” Ó gbọn èèpo àlùbọ́sà dànù léjìká. “Ṣé ibi tó lé yẹn lẹ tìtorí ẹ̀ wá? Ní ìlà yẹn, mo gbàgbé pé ‘ń’ dá dúró ní sílébù tiẹ̀.”

“Ó dá dúró.”

Ọmọ náà fi ìka kà á, ètè rẹ̀ ń mì. *Ẹsẹ̀ arúgbó ń wá.* Ó pé méje.

“Ẹ bá mi yọ ‘kan’ kúrò. Kì í ṣe arúgbó kan, mà. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ni. Mo fi ‘kan’ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ni.”

Látẹ̀yìn òkìtì àlùbọ́sà ni ohùn ìyá àgbàlagbà kan ti jáde. “Wárìsì, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Ọmọ náà wo Hajarat lójú fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Tíṣà mi ni, Ìyá. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ewì.”

Hajarat kúnlẹ̀ kí ìyá náà.

“Àlàáfíà lẹ jí bí, ọmọ mi? Ṣé ọmọ yìí ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ yín?”

Láti ìgbà tí ewì náà ti dé ọwọ́ Hajarat, ó ti kà á lákàtúnkà, ó ti wá ibi tó ti lábùkù, ó ti bi Abdulwaris léèrè ẹni tó kọ ọ́. Kò tíì sọ fún ọmọ náà rí pé ó dára.

“Ó dára, Ìyá,” ló wí. Abdulwaris ló kọjú sí. “Ó dára gan-an.”