Ọjọ́ Keje Tí Fíríìjì Ò Sí Nílé

Ọmọ Ìlọ́bù ni Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, torí wọ́n ṣì máa fi bú u. Òun ni ọ́dítọ̀ Ilé-ìwòsàn Ìtuyọ, tó ní ẹ̀ka kan ní Ìlọ́bù, òmíràn ní Ìfọ́n, ìlú méjì tí wọn ò rẹ́ síra wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yọjú síbi táwọn ará ilé ò fẹ́ kó yọjú sí.

Lọ́jọ́ kejìlá oṣù, ó dé Ìfọ́n, ó ṣí ìwé fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló yẹ kí wọ́n wo bó ṣe tutù tó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ ju dígírì méjì lọ, kò gbọ́dọ̀ kọjá mẹ́jọ. Ìwé kún fọ́fọ́. Márùn-ún, márùn-ún, márùn-ún, bíró kan náà, títí dé ọgbọ̀njọ́.

"Nọ́ọ̀sì Inúmidùn, ọjọ́ kejìlá la wà. Ta ló lọ wo fíríìjì lọ́gbọ̀njọ́, tó tún padà wá bá wa?"

Inúmidùn bú sẹ́kún. Fíríìjì ti bàjẹ́ lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n gbé e lọ tún ṣe ní Òṣogbo, ọjọ́ kẹwàá ló dé. Òfin ní kí wọ́n kó abẹ́rẹ́ lọ sí ẹ̀ka Ìlọ́bù, ibi tí mọ́tò ò ní pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ní òun ò gbé ẹrù Ìfọ́n lọ sí Ìlọ́bù, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n lé òun. Ni wọ́n bá kó abẹ́rẹ́ sínú kúlà, wọ́n da yìnyín lé e, kò sí ẹni tó wọn ìtutù ẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá, wọ́n fi gún ọmọ mẹ́tàlélógún.

Wúlẹ̀mọ̀tù ya fọ́tò ìwé. Inúmidùn buwọ́ lu ohun tó sọ. Ó tún ya fọ́tò ìwé àṣẹ tí ẹ̀ṣọ́ géètì ń gbà kí ẹrù tó jáde. Ó wá kọ rípọ́ọ̀tù àkọ́kọ́: ewu ńlá. Kí wọ́n má lo abẹ́rẹ́ yẹn mọ́, kí wọ́n pe àwọn ọmọ padà kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò.

Ọ̀gá Ọládipọ̀, dáírẹ́kítọ̀ wọn, ò tiẹ̀ ní kó jókòó.

"Kí lo pe èyí?"

"Rípọ́ọ̀tù ni, sà."

"Ìjà ni! Àwọn tó fẹ́ fún wa ní ìwé-ẹ̀rí ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Yọ 'ewu ńlá', kọ 'ewu kékeré'. Kọ ọ́ pé wọn ò kọ̀wé dáadáa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn, pa á rẹ́."

"Bí ẹ bá ní ẹ̀rí tuntun, sà, màá yí i. Láìsí ẹ̀rí, kò ṣeé yí."

"Ọmọ Ìlọ́bù! O fẹ́ ba Ìfọ́n jẹ́, àbí? Èmi ni mo fún ẹ ní ọ́fíìsì. Tó bá dọ̀la, ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wàá ti máa ṣe ọ́díìtì."

"Ẹ lè gbé tábìlì mi, sà. Ìgbìmọ̀ ọ́díìtì nìkan ló lè lé mi."

"Jáde!"

"Ó ku ìdáhùn yín, sà. Bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ ni màá ṣe tẹ̀ ẹ́, mi ò ní yọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé kẹrin tí mo so mọ́ ọn lẹ́yìn."

"Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ẹ ni mí?"

Ọládipọ̀ fa bíró yọ, ó kọ ọ́ pé: *Irọ́ ni. Fíríìjì ò bàjẹ́ rí. Èmi fúnra mi lọ wò ó ní Ìfọ́n lọ́jọ́ keje, ó tutù dáadáa. Ìkórìíra ló ń da ọ́dítọ̀ láàmú.* Ó buwọ́ lù ú, ó jù ú sí i.

Ilẹ̀ mọ́, tábìlì Wúlẹ̀mọ̀tù sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ lóòótọ́. Inú èéfín ló ti parí rípọ́ọ̀tù.

Màmá Dọlápọ̀sí, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ìgbìmọ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ó wọ awò ojú ẹ̀.

"Ọ̀gá Ọládipọ̀, ọjọ́ keje lẹ wo fíríìjì yìí?"

"Mo fọwọ́ kàn án, mà."

"Ní Ìfọ́n?"

"Ní Ìfọ́n, mà."

Màmá ṣí ìwé kẹrin. "'Fíríìjì kan. Ó jáde lọ sí Òṣogbo, ọjọ́ kẹrin. Ó padà, ọjọ́ kẹwàá.' Ta ló buwọ́ lu àṣẹ pé kó jáde yìí?"

Ìbuwọ́lù Ọládipọ̀ ló wà níbẹ̀. Ọládipọ̀ a máa buwọ́ lùwé bí ẹni ń pa ẹ̀fọn ni. Kì í wo èyí tó pa.

"Mà, wọ́n ti ní láti..."

"Ẹ jókòó. Ẹ wá fọwọ́ kan fíríìjì tó wà ní Òṣogbo láti Ìfọ́n. Apá yín mà gùn o."

Wọ́n ní kí rípọ́ọ̀tù dúró bó ṣe wà, kí wọ́n pe àwọn ìyá lọ́jọ́ náà gan-an, kí Ọládipọ̀ sì lọ jókòó sílé ná. Bí Ọládipọ̀ ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wúlẹ̀mọ̀tù, ó pòṣé: "Ọ̀tá."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bí ẹ bá ń wá mi, ẹ mọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà."

Lọ́sẹ̀ kejì, Wúlẹ̀mọ̀tù padà sí Ìfọ́n láti wò ó bóyá wọ́n ṣe é. Ó ka ọmọ, mẹ́tàlélógún pé. Ìyá èyí tó kẹ́yìn wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn.

"Ẹ̀yin ará Ìlọ́bù, ẹ ò kúkú níṣẹ́ méjì ju kí ẹ máa ṣọ́ wa lọ."

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà," ló fi dá a lóhùn.

Ó ṣí ìwé fíríìjì. Mẹ́rin ní àárọ̀ òní. Ìlà ìrọ̀lẹ́ ṣófo, torí ọjọ́ ò tíì rọ̀.