Mo-Mọ̀-Wọ́n Kọ Ìwé Ìsinmi

"Kò sí ilẹ̀kùn kan nílé iṣẹ́ ìjọba yìí tí mi ò lè fi èjìká ṣí," ni Mo-Mọ̀-Wọ́n wí. Ó jókòó sórí tábìlì bí ẹni pé tábìlì náà ló yẹ kó dúpẹ́. "Ìwé líìfù mi á dé iwájú Akọ̀wé Àgbà láàárọ̀ yìí. Kí ẹ tó jẹun ọ̀sán, wọ́n ti fọwọ́ sí i."

Mo-Mọ̀-Wọ́n kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un, nítorí kò sí èèyàn ńlá tí wọ́n máa dárúkọ tí kò ní dáhùn pé, "Mo mọ̀ wọ́n dáadáa."

Bàbá rẹ̀ gan-an ló tìtorí ẹ̀ fẹ́ gba ìsinmi. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú méjèèjì bàbá. Dókítà ojú kan ní ìlú mìíràn ti ní kí wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, kó dúró tì í, kó mú un padà wálé. Bí wọ́n bá pàdánù ọjọ́ náà, bàbá á padà sí ìdí ìlà, ìlà náà sì gùn dé ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni Mo-Mọ̀-Wọ́n. Bàbá sì ti múra sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ríran kí òun lè mọ ẹni tó ń jí ẹran jẹ nínú àwo òun.

Obìnrin tó ń tẹ̀wé ní yàrá wọn na ọrùn wo ìwé náà. "Akọ̀wé Àgbà lo kọ ọ́ sí, ó dáa. 'Nípasẹ̀' dà?"

"Nípasẹ̀ ta ni?"

"Nípasẹ̀ olórí yúníìtì wa, lẹ́yìn náà dírẹ́kítọ̀ ẹ̀ka wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń kọ ọ́. Kálukú wọn á sọ tiẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ dírẹ́kítọ̀ ètò òṣìṣẹ́, àwọn yẹn á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjọ́ ìsinmi rẹ ṣì kù."

Mo-Mọ̀-Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kó dọ̀bálẹ̀ fún ológbò. Òun ló kọ́ obìnrin tó jẹ́ olórí yúníìtì wọn bí wọ́n ṣe ń so ìwé mọ́ fáìlì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Lónìí, obìnrin náà ti gòkè, ó ti fò ó kọjá, ó ti ní yàrá tirẹ̀ àti fáànù tirẹ̀. Kí òun wá kọ "nípasẹ̀" rẹ̀? Ṣé kí odò máa tọrọ omi lọ́wọ́ kòtò ni?

Ó pàdé Akọ̀wé Àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín sí i, ó béèrè àlàáfíà bàbá, ó gba ìwé, ó kọ nǹkan sí etí ìwé náà lójú ẹsẹ̀, ó sì fi lé akọ̀wé rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n fi sínú fáìlì. Mo-Mọ̀-Wọ́n padà sí yàrá wọn pẹ̀lú ijó.

"Ó ti parí," ló wí. "Kí àwọn tó ń gun àkàsọ̀ máa gùn ún. Èmi fò."

Nígbà tó délé, ó ní kí bàbá di ẹrù.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ìwé ìyọ̀ǹda ò dé. Ó lọ bá Bàbá Fáìlì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ yàrá fáìlì, pé kó jẹ́ kí òun wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

"Fáìlì tìrẹ ni kí n gbé fún ọ?" ni Bàbá Fáìlì wí. "Òṣìṣẹ́ kì í di fáìlì ara rẹ̀ mú. Ọ̀dọ̀ olórí yúníìtì rẹ ló wà báyìí. Wọ́n sì ní kí o wá."

Báwo ni ìwé tó fò lọ sókè ṣe sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀?

Olórí yúníìtì ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Ìyẹn gan-an dùn ún ju kó pariwo lọ. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ló wí, ó sì ka ohun tó wà nínú fáìlì fún un wẹ́rẹ́. Akọ̀wé Àgbà ti kọ ọ́ sí dírẹ́kítọ̀ ètò òṣìṣẹ́ pé: "Kí ló dé tí èyí kò gba ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn." Ìyẹn kọ ọ́ sí dírẹ́kítọ̀ ẹ̀ka. Dírẹ́kítọ̀ ẹ̀ka kọ ọ́ sí olórí yúníìtì: "Kí òṣìṣẹ́ yín ṣàlàyé."

"Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín ti sọ ọ̀rọ̀ ojú bàbá fún mi tipẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fi orúkọ yín sí nínú ètò ìsinmi yúníìtì wa. Mo ti bá ẹni tó máa di iṣẹ́ yín mú sọ̀rọ̀. Ìwé yín nìkan ni mo ń retí. Tó bá jẹ́ pé ẹ mú un wá, ǹ bá ti fi ránṣẹ́ sókè lọ́jọ́ náà."

Mo-Mọ̀-Wọ́n wá ibi tó máa wò. Fáànù ń yí lókè, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé e mì, torí símẹ́ńtì ni.

Ó gba bébà fún àlàyé. Ó kọ pé, "Mi ò gba ọ̀dọ̀ olórí yúníìtì mi nítorí," ó sì dúró. Nítorí kí ni? Ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ. Níkẹyìn ó kọ ọ́: nítorí ìgbéraga.

Obìnrin náà kà á, ó tì í padà síwájú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ kọ 'àṣìṣe'. Ìgbéraga ò sí nínú òfin iṣẹ́."

Ó tún un kọ. Obìnrin náà kọ ìmọ̀ràn tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Mo-Mọ̀-Wọ́n na ọwọ́ láti gbé fáìlì sáré lọ, ó rántí, ó fa ọwọ́ padà. Òjíṣẹ́ ló gbé e, pẹ̀lú ìrìn ẹni tí bàtà ń fún.

Dírẹ́kítọ̀ ẹ̀ka fọwọ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Dírẹ́kítọ̀ ètò òṣìṣẹ́ náà gbà, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ṣì pọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé Àgbà ti béèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó béèrè sì ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ padà bá. Akọ̀wé Àgbà wà nípàdé títí wọ́n fi ti ọ́fíìsì.

"Ṣé kí n kàn máa lọ?" ni Mo-Mọ̀-Wọ́n bi olórí yúníìtì ní ẹnu géètì. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Mi ò lágbára láti ní kí ẹ lọ kí ìwé tó dé. Bí ẹ bá lọ báyìí lẹ́yìn àlàyé yẹn, wọ́n á ní ẹ sá níṣẹ́ ni."

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá wọ aṣọ ìrìn-àjò láàárọ̀, ó jókòó ti ẹrù rẹ̀. Mo-Mọ̀-Wọ́n sọ fún un pé ìwé ò tíì jáde, ó sì lọ síbi iṣẹ́ láìgbójú sókè. Ọ̀sán ni ìwé ìyọ̀ǹda jáde. Ọkọ̀ ìlú kejì ti lọ.

Nírọ̀lẹ́, olórí yúníìtì àti obìnrin tó ń tẹ̀wé tẹ̀ lé e wálé láti bẹ bàbá. Wọ́n bá a nínú aṣọ ìrìn-àjò náà síbẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì kúnlẹ̀, Mo-Mọ̀-Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò sọ pé òun mọ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ló jẹ̀bi. Olórí yúníìtì ní rárá, ètò ọ́fíìsì náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Obìnrin tó ń tẹ̀wé ní òun ì bá ti tẹnu mọ́ ọ. Wọ́n ka orúkọ gbogbo ọ̀gá tó fọwọ́ sí i fún bàbá, wọ́n sì na ìwé náà sí i, kó lè rí i pé ó pé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba.

Bàbá fọwọ́ wá a, ó fọwọ́ kan etí ìwé náà, ó dá a padà.

"Ẹ bá mi gbé e síbẹ̀," ló wí. "Mi ò kúkú ríran kà á."