Káàdì Tó Kù ní Apá Kìíní

Òǹkọ̀wé yìí ti lẹ káàdì mẹ́rìnlélógún mọ́ ògiri, kò sì tíì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: á kọ́kọ́ la ìtàn sí apá mẹ́ta, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ aránṣọ ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ kó tó mú sísọ́ọ̀sì. Mẹ́fà ní apá kìíní, méjìlá láàárín, mẹ́fà ní ìparí. Ẹni tó bá rí i á ní iṣẹ́ ti parí. Irọ́ ni o.

Ọmọbìnrin kan fi lẹ́tà ìgbàwọlé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rí i, ó sun ún, ọmọ ò lọ mọ́. Ìtàn náà nìyẹn.

Olóòtú tó ti rí àwòrán àwọn káàdì náà pè é lórí fóònù. “Ẹ̀yin mà, apá kìíní yín ò wọnú apá kejì. Ta ló fi ibi tí lẹ́tà wà han bàbá? Ọwọ́ èèyàn ló yẹ kó ti ìtàn síwájú. Ẹ tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.”

Òǹkọ̀wé mọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni òun fúnra rẹ̀ nígbà náà, ó kàn fẹ́ kí bàbá yin òun. Ìyá wọn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ni lẹ́tà náà, fura sí, kò sì bá ìyá sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìyá fi kú.

Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé aládùúgbò ló ṣòfófó. Aládùúgbò wo? Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo káàdì yòókù. Ó ya á. Ó wá kọ ọ́ pé: “Àbúrò ló sọ fún bàbá.” Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí apá kìíní. Lójú ẹsẹ̀ ni apá kejì dúró ṣinṣin: ìdákẹ́jẹ́ ọmọ sí ìyá tó wà láàárín, ikú ìyá tó parí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ rí ìdí. Inú rẹ̀ dùn sí i, ojú sì tì í pé inú òun dùn.

Kò tíì kúrò níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbé síkẹ́ẹ̀tì tó bá a rán wọlé. Ẹ̀gbọ́n ka ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Àròsọ lèyí, àbí?”

Ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣebí owó irọ́ ló ń jẹ.

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo sọ fún bàbá.”

Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó ń yí téèpù ọrùn rẹ̀ mọ́ ìka. “Ọdún mẹ́sàn-án ni màmá fi ń kí mi, tí mi ò dá wọn lóhùn.” Ó nawọ́ sí káàdì kan tó ṣófo ní apá kẹta. “Kí ló máa wà níbẹ̀?”

“Ibi tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti máa yanjú ọ̀rọ̀. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.”

“Má kọ nǹkan kan síbẹ̀.”

Ó gbé síkẹ́ẹ̀tì sórí àga, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde láìdágbére.