Kòkó Lórí Dẹ́kìn

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Arákalé, ní Àkúrẹ́. Nọ́ńbà Bọ́láwálé ni mo rí, ṣùgbọ́n ohùn ẹlòmíràn ló jáde.

"Ṣé ìwọ ni Ọláwuyì? Èkejì rẹ wà lọ́dọ̀ wa ní Oǹdó níbí. Bí o kò bá dé kí oòrùn tó kan àtàrí, a ó kán ọwọ́ tó fi lẹ ọ̀dà burúkú yẹn."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ igbe Bọ́láwálé. Mo mọ igbe rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀dà gbígbóná ta sí i lẹ́sẹ̀. Èyí ju tọjọ́ yẹn lọ. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Iṣẹ́ wa ni pé kí omi má wọ ilé. Ẹni tó bá fi dẹ́kìn bo ilé rẹ̀ dípò páànù, àwa ló máa ń pè, nítorí kọnkéré lásán ń mu omi. A ó gbá orí dẹ́kìn náà mọ́, a ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, a ó fi ọ̀dà olómi kùn ún, lẹ́yìn náà ni a ó tẹ́ fẹ́ẹ̀tì lé e, ìyẹn ẹní ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń ká bíi kápẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mò ń tú u sílẹ̀. Bọ́láwálé ló ń di bọ́nà mú, ọ̀pá irin tí ń tu iná gáàsì, ó ń fi yọ́ ìsàlẹ̀ fẹ́ẹ̀tì kó lè lẹ̀ mọ́ dẹ́kìn. Bí iná bá kéré, kò ní í lẹ̀. Bó bá pọ̀, fẹ́ẹ̀tì á jó. Ọwọ́ ọ̀tún Bọ́láwálé ló mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló ń bọ́ ilé rẹ̀ àti ilé mi ní ọdún tí epo bẹntiróò wọ́n gógó, tí àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́.

Mo wọ ọkọ̀ Oǹdó. Títí a fi kọjá Ọ̀wẹnà ni mò ń pe nọ́ńbà náà, wọn kò gbé e.

Ilé Alàgbà Akíntóyè ni mò ń lọ, ibi kan ṣoṣo tí a ti ṣiṣẹ́ ní Oǹdó lọ́dún yẹn. Ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Lọ́dún yẹn kòkó gbówó lórí débi pé olè ń kó o níbi tí wọ́n sá a sí lójú ọ̀nà. Alàgbà kó tirẹ̀ pamọ́ sí yàrá ńlá kan lábẹ́ dẹ́kìn, ó ń dúró kó tún gbówó lórí sí i. Oṣù keje la lẹ fẹ́ẹ̀tì sórí dẹ́kìn náà. Nígbà tí a parí, a dí ihò tí omi ń gbà jáde, a da omi sórí rẹ̀ tó ga tó ìka méjì, a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Alàgbà fúnra rẹ̀ wọ yàrá ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè, ó fọwọ́ pa àjà. Ó gbẹ táútáú. Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ lọ́jọ́ náà. Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo fi iṣẹ́ wa yangàn níwájú Màmá, ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń pè mí ní ọmọ mi.

Oṣù kẹwàá la wà báyìí. Kí n tó wọ àgbàlá ni òórùn ti pàdé mi. Àpò kòkó bí ogójì wà nílẹ̀, omi ti wọ̀ wọ́n, kòkó inú wọn ti bu, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ni mo rí Bọ́láwálé. Wọ́n so ó mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ kan ti wú pa, ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ ti gbẹ sí àyà rẹ̀. Wọ́n ti pè é lánàá pé ilé ń jò, ó sì gbé gáàsì àti bọ́nà wá láti tún un ṣe, bí oníṣẹ́ rere ti í ṣe. Gáàsì náà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, wọn kò jẹ́ kó tàn án.

"Ọláwuyì, iṣẹ́ wa kò jò," ló kọ́kọ́ sọ. Kò kígbe pé kí n gba òun.

Alàgbà Akíntóyè gbá mi létí kí n tó kí i. "Ẹ̀yin olè! Fẹ́ẹ̀tì ayédèrú lẹ lẹ̀ sí mi lórí ilé!"

"Alàgbà, ẹ̀yin náà rí omi ọjọ́ méjì."

"Ṣé omi ọjọ́ méjì ni òjò?"

Alábàárù méjì dì mí mú. Oríọlá, àbúrò Alàgbà, fi ìdí ṣọ́bìrì gún mi níkùn, mo wólẹ̀. Ó tún tàpá sí mi ní ìhà. Mo bu ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nítòsí jẹ, wọ́n sì lù mí sí i nítorí ìyẹn. Ẹnu mi kún fún iyẹ̀pẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n gun òkè," ni mo ń wí. "Alàgbà, ẹ tẹ̀ lé mi. Bó bá jẹ́ pé ojú ibi tí a so pọ̀ ló ṣí, ẹ kán ọwọ́ èmi náà."

Ẹni tó ń ra kòkó kì í sanwó láìla ọmọ kòkó wò. Alàgbà wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún fẹ́ lọ wò?" Oríọlá ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ jẹ́ kó jẹ́wọ́ níbí!"

"Dúró tì í," ni Alàgbà fèsì. Mo mú ọ̀bẹ iṣẹ́ wa lẹ́bàá gáàsì, ó sì tẹ̀ lé mi gun àkàbà.

Oòrùn ti mú lórí dẹ́kìn. Mo kúnlẹ̀, mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yẹ ojú ibi tí fẹ́ẹ̀tì kan ti gun òmíràn lórí wò, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Kò ṣí. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kékeré tó yí òkè náà ká, níbi tí fẹ́ẹ̀tì ti gun ara ògiri. Kò ṣí. Mo yẹ ẹnu ihò omi wò, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Alàgbà dúró lé mi lórí, ó ń wo ọ̀bẹ náà.

Àárín gbùngbùn ni mo ti rí i. Ojú ọgbẹ́ kan wà lára fẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó gùn tó ìka mẹ́rin. Mo ṣí i, mo rí kọnkéré tútù nísàlẹ̀. Èkejì wà níwájú rẹ̀, ẹ̀kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́sàn-án ni mo kà. Ojú irin ló ṣe é, irin tí wọ́n ń tì lọ tì bọ̀ nígbà tí oòrùn ti mú kí ọ̀dà rọ̀. Lẹ́bàá ìkeje ni ọmọ kòkó kan ti rì sínú ọ̀dà, ó lẹ̀ pinpin. Mo fi ọ̀bẹ yọ ọ́, mo fi lé Alàgbà lọ́wọ́.

"Ẹnìkan sá kòkó síbí," ni mo wí. "Ṣọ́bìrì ló fi ń yí i."

Ibẹ̀ la wà tí Bọ́láwálé fi ké. Lẹ́ẹ̀kan péré ni.

N kò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Oríọlá ti tú ọwọ́ ọ̀tún Bọ́láwálé kúrò nínú okùn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bíríkì, ó sì fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì fọ́ ọ, kó lè jẹ́wọ́ ká tó padà sọ̀ kalẹ̀. Egungun yọ síta lẹ́yìn ọwọ́. Àwọn ìka wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọjú síbi tó yẹ kí ìka kọjú sí mọ́.

Nígbà náà ni mo já sórí bọ́nà. Mo ṣí gáàsì, mo ṣá ìṣáná sí i, iná náà bú jáde, ó gùn tó apá. Àwọn alábàárù sá. Mo lé Oríọlá mọ́ ògiri. Irun apá rẹ̀ jó, awọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ké bí ẹran. Bí mo bá purọ́ pé kò dùn mọ́ mi, Ọlọ́run ń gbọ́. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé iná náà sí.

"Ta ló sá kòkó sórí fẹ́ẹ̀tì mi?"

"Èmi ni! Èmi ni mo yí i! Kòkó Màmá ni! Ẹ̀gbọ́n wà ní Èkó nígbà náà. Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n ló bà mí nígbà tí ilé jò!"

"O mọ̀ pé ìwọ ni, o sì ń na ọmọ ọlọ́mọ!" Alàgbà kígbe láti orí àkàbà.

Ìgbà náà ni Màmá jáde láti inú ilé, ó ń fi ọ̀pá tálẹ̀. Ó wo iná ọwọ́ mi, ó wo apá ọmọ rẹ̀. Ó ń bọ̀ wá bá mi tààrà.

"Ọmọ mi, pa iná yẹn. Èmi ni mo ní kó lọ sá a síbẹ̀. Olè ń kó o nílẹ̀. Ìwọ lo ní kò séwu."

"Èmi, Màmá?"

"Ìwọ. Lọ́jọ́ tí ẹ parí iṣẹ́. Mo bi ọ́ pé ṣé èèyàn lè sá nǹkan síbẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní, 'Ẹ sá a, Màmá. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gún iyán lórí ẹ̀, kò ní í ṣe é ní nǹkan kan.'"

Mo rántí. Mo rántí ẹ̀rín náà pàápàá. Èmi tí mo mọ̀ pé òjò ni fẹ́ẹ̀tì wà fún, kì í ṣe ẹsẹ̀, kì í ṣe irin. Èmi tí mo mọ̀ pé bí èèyàn yóò bá máa rìn lórí ẹ̀, a gbọ́dọ̀ da yanrìn àti símẹ́ńtì lé e kó bò ó. Mo fẹ́ kí ìyá arúgbó yìn mí ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo yí gáàsì pa. Iná náà kú. Oríọlá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Alàgbà fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Èmi àti Bọ́láwálé wà lẹ́yìn, mo fi ṣẹ́ẹ̀tì mi wé ọwọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ń gbà á kọjá sí itan mi. Mo rò pé ó ti dákú.

"Ọláwuyì."

"Mo wà níbí."

"Ṣé o sọ ọ́ fún Màmá lóòótọ́?"

Mo lè sọ pé arúgbó náà kò rántí dáadáa. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi.

"Mo sọ ọ́," ni mo wí.

Bọ́láwálé fi ojú rẹ̀ kan tó là wo ọwọ́ náà nínú ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló rọra yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé itan ara rẹ̀, ó sì kọjú sí fèrèsé.