Lítà Méje fún Wákàtí Kan

"Jẹnẹrétọ̀ kì í purọ́, èèyàn ló ń purọ́ mọ́ ọn." Ọ̀rọ̀ tí Dókítà Raif fẹ́ràn jù lọ láyé nìyẹn. Òun ni ọ̀gá ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà lórí òkè, lókè ìlú Zahlé ní Lẹ́bánónì, bó sì ṣe máa ń sọ ọ́, wàá rò pé òun àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n jọ ń jẹun. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Nuhad, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ilé náà. Àmọ́ lówùúrọ̀ Mọ́ńdè kan, ó ṣe ìṣirò sí ìsàlẹ̀ ìwé jẹnẹrétọ̀, ó wò ó, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe. Ohun kan náà ló tún jáde. Lítà mẹ́jọ ó lé fún wákàtí kan.

Méje ni jẹnẹrétọ̀ yẹn ń mu. Láti ọdún tí wọ́n ti rà á, méje náà ni.

Ìṣirò ọ̀hún kò le. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á da dísù sínú táǹkì rẹ̀ títí yóò fi kún dé ẹnu. Iye lítà tó bá gbà kó tó kún ni iye tó mu láti Àìkú tó kọjá. Mítà tó yẹ kó máa ka wákàtí lára ẹ̀rọ náà ti kú láti ìgbà yìnyín, kò sì sẹ́ni tó rí tiẹ̀ rò, nítorí náà wọ́n ń kọ aago tí wọ́n tàn án àti aago tí wọ́n pa á sínú ìwé. Nuhad á ro wákàtí pọ̀, á fi pín lítà, ó parí. Ọ̀sẹ̀ yìí, táǹkì gba lítà mẹ́fà dín ní ọ̀ọ́dúnrún, bó ṣe máa ń gbà gẹ́lẹ́. Wákàtí ló lọ sílẹ̀: méjìlélógójì ló máa ń jẹ́, márùndínlógójì ló wà nínú ìwé. Jẹnẹrétọ̀ kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe máa ń ṣe, síbẹ̀ ó mu tó bó ṣe máa ń mu. Ibo ni ìyókù wá gbà lọ?

Ẹni tó ń da dísù sínú ẹ̀rọ náà, tó sì ń tàn án nírọ̀lẹ́, Tanios ni. Àbúrò bàbá Nuhad ni Tanios, Ammo ló ń pè é, Nuhad fúnra rẹ̀ ló sì mú un wá síbi iṣẹ́.

Kò kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó wo abẹ́ táǹkì bóyá ó ń jò. Ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ó bi àwọn nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun kankan tó ń fa iná, wọ́n ní ìkòkò omi gbígbóná pàápàá ti bàjẹ́. Ó ní kí mẹkáníìkì tú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bóyá ó ti dí, nítorí ẹ̀rọ tí kò bá rí èémí mí á máa mu ju bó ṣe yẹ lọ. Mẹkáníìkì ní ó mọ́ ju àwo oúnjẹ òun lọ. Ó wá lọ bá Abu Wajdi, mẹ́gáàdì alẹ́, ẹni tó máa ń pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí àwọn arúgbó bá ti sùn.

"Abu Wajdi, aago mélòó lẹ ń pa á lọ́sẹ̀ yẹn?"

"Mọ́kànlá ni, Màdáámù. Ìgbà wo ni mo pa á ní aago mìíràn rí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Àfi tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá mọ́kànlá tiwa ni àbí mọ́kànlá tiyín. Ìlú ti ya wèrè, ẹ jẹ́ n fi ààwẹ̀ ẹnu mi dákẹ́."

Nuhad kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ aago ti sú gbogbo èèyàn lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́dọọdún, bí ìgbà òtútù bá ti ń lọ, wọ́n máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má tíì sún un títí ààwẹ̀ Ràmàdáánì yóò fi parí, ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn yóò sún tàwọn, ìlú kan wá ní aago méjì. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, ìjọba yí ohùn padà, kálukú sì tún aago rẹ̀ ṣe. Ta ló tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ aago?

Nígbà tí Dókítà Raif rí ìwé náà, kò tiẹ̀ jókòó. "Ẹnì kan ń fa dísù mi. Ta ló ń dà á? Àbúrò bàbá yín. Nuhad, mi ò ní kẹ́ ẹ bínú o, àmọ́ lálẹ́ òní, kí Abu Wajdi yẹ mọ́tò rẹ̀ wò kó tó jáde. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un. Tí nọ́mbà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò bá dára, ilé ló ń lọ."

Nuhad sọ fún un. Ìtìjú ńlá ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lójú àwọn nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ iṣẹ́, Tanios ṣí búùtù mọ́tò rẹ̀ fún mẹ́gáàdì. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan ló wà níbẹ̀, òórùn dísù sì gba gbogbo ibẹ̀ kan.

"Ammo, kí lèyí?" ni Nuhad bi í.

"Kẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń ra dísù sítóòfù ilé mi ni. Àbí ilé tìẹ kì í tutù ni?" Kò pariwo. Ó kàn ń wò ó bíi pé kò mọ ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ lo ní kí wọ́n yẹ̀ mí wò?"

Nuhad ní Dókítà ni. Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe òótọ́ tán. Orí rẹ̀ ti dàrú. Èèyàn kan ń sọ nínú rẹ̀ pé Tanios tí kò jẹ gbèsè rí kò lè jalè, ẹlòmíràn ń bi í pé báwo wá ni ti lítà mẹ́jọ.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá kí Abu Wajdi má yẹ mọ́tò wò. Nígbà mìíràn á rí kẹ́ẹ̀gì, nígbà mìíràn kò ní rí nǹkan kan. Bó bá sì rí kẹ́ẹ̀gì, òfìfo ni. Ìgbà tó bá ń wọlé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń yẹ ẹni tó ń wọlé wò. Ta ló máa ń gbé nǹkan wọlé láti jalè?

Mọ́ńdè tún dé. Wákàtí márùndínlógójì náà ni. Lítà tó wọ táǹkì: ọgọ́sàn-án lé márùn-ún péré. Nuhad pín in, ó sì jókòó síbẹ̀ tó ń wo lítà márùn-ún ó lé díẹ̀ fún wákàtí kan.

Dókítà Raif pa àtẹ́wọ́. "Ẹ rí i báyìí? A ṣọ́ ọ, ó jáwọ́. Ẹ bá mi kọ lẹ́tà tí a ó fi lé e lẹ́nu iṣẹ́, màá fọwọ́ sí i lọ́la."

Nuhad jókòó ti lẹ́tà náà fún ìgbà pípẹ́, kò lè kọ ju orúkọ lọ. Nǹkan kan ń ṣe é ní kàyéfì, kò sì mọ orúkọ tó lè pè é. Bí olè bá jáwọ́, iye tí ẹ̀rọ ń mu ní tòótọ́ ló yẹ kó padà sí. Méje. Kí ló wá sọ ọ́ di márùn-ún? Jẹnẹrétọ̀ náà kò mu márùn-ún rí, kódà lọ́dún tó dé pẹ̀lú ọ̀rá lára. Ẹ̀rọ kò lè gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Bí a bá ní mẹ́jọ kò dára, márùn-ún náà kò dára. Ó ti ìwé náà pa, ó sì gba ilé Tanios lọ.

Badia, ìyàwó Tanios, ló ṣílẹ̀kùn. Ó wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, ó tún wọ ẹ̀wù òtútù lé e. Inú ilé tutù ju ìta lọ. Ó gbé mujadara, ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà wẹ́wẹ́, wá síwájú Nuhad, ẹ̀fọ́ àti búrẹ́dì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ooru oúnjẹ yẹn nìkan ló gbóná níbẹ̀.

"Àǹtí, sítóòfù ńkọ́?"

"Kò sí dísù, ọmọ mi. Ammo rẹ ní dísù ti wọ́n níbi gbogbo. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko rèé tí mò ń gbọ̀n. Ṣebí dúrọ́ọ̀mù wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lọ́jọ́ tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ṣe ìbùkún ìparí! Ọjọ́ Àìkú tí aago ya wèrè yẹn. Èmi ń wo aago ògiri, fóònù Ammo rẹ ti sún ara rẹ̀ síwájú láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Nuhad gbé ṣíbí sílẹ̀.

Tanios ti wọlé láti ẹ̀yìn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nuhad kọjú sí i.

"Ammo, ẹ da dísù ilé yín sínú jẹnẹrétọ̀."

Kò sẹ́. "Ẹ ní ó ń mu jù. Mo ronú, mo ronú, mi ò rí ohun tí mo ṣe. Mo ní bóyá mò ń dà á nù láìmọ̀, agbára ń tán lára mi. Mo ní kí n fi tèmi dí i. Bí wọ́n bá lé mi, ta ni yóò ru ìtìjú rẹ̀? Ìwọ tó mú mi wá ni."

"Ní ọ̀sẹ̀ aago yẹn, aago wo lẹ fi kọ ìgbà tí ẹ tan iná?"

"Èwo ni mo ní? Fóònù mi ni. Bí oòrùn bá ti kan orí òkè, mo máa tàn án, aago márùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Fóònù wá ń sọ pé mẹ́fà, mo kọ mẹ́fà."

"Abu Wajdi ńkọ́?"

"Aago ògiri ni tiẹ̀, òun náà ló fi ń ṣínu. Ó ní òun ò ní yí aago nínú ààwẹ̀. Alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tó pa iná tán, ló tó yí i."

Nuhad fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Aago kan ló ṣílẹ̀kùn ọjọ́ náà, aago mìíràn ló tì í. Wọ́n tàn án ní mẹ́fà ti fóònù, tó jẹ́ márùn-ún ti ògiri, wọ́n wá pa á ní mọ́kànlá ti ògiri. Ìwé ka wákàtí márùn-ún lójoojúmọ́, mẹ́fà ni ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Fún odidi ọjọ́ méje. Ó fi ẹ̀yìn ìwé oògùn Badia ṣe ìṣirò: lítà mẹ́fà dín ní ọ̀ọ́dúnrún, kó fi wákàtí méjìlélógójì pín in.

Méje. Kò lé, kò dín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí aago ti bára mu, wákàtí márùndínlógójì tòótọ́ ni, dísù Tanios ló sì dín ohun tí táǹkì gbà kù.

Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi bú sẹ́rìn-ín. Badia náà rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń rín. Tanios nìkan ni kò rín. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀, ó ń wo sítóòfù tó tutù.

"Nǹkan kan kò wá sọnù rárá," ló sọ.

"Nǹkan kan kò sọnù, Ammo."

"Ìwọ ńkọ́, nígbà tí ẹ ṣí búùtù mi, o gbà pé mo jí i?"

Nuhad ń ká ìwé oògùn náà pọ̀ sí wẹ́wẹ́. Tanios mi orí, ó dìde, ó lọ wá ẹ̀wù mìíràn fún ìyàwó rẹ̀.

Dókítà Raif wo ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ya lẹ́tà, ó ní kí wọ́n da dísù Tanios padà fún un, kí wọ́n sì ra mítà tuntun. Ó ní, "Mo sọ fún yín, jẹnẹrétọ̀ kì í purọ́." Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀bẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tanios tan jẹnẹrétọ̀, ó nu ọwọ́, ó wa mọ́tò dé ẹnu géètì, ó dúró. Abu Wajdi ń juwọ́ sí i pé kó máa lọ, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Tanios kò lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí búùtù rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó sì yíjú sí fèrèsé ọ́fíìsì níbi tí Nuhad dúró sí.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Á ṣí i, á dúró dìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá wò ó, á tún pa á dé, á sì lọ sílé.