Orúkọ Tí A Ó Pe Oró Inú Ìrẹsì

Tíṣà Yorùbá ni Fọláwùnmí kó tó fẹ̀yìn tì, àyà rẹ̀ sì ṣáájú ara rẹ̀ wọlé bí ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tí á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà kò sáyè ẹ̀rín. Dókítà Monínúọlá, tó ń ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn, ya fọ́tò àṣamọ̀, ìyẹn àkékúrú, ìwé ìwádìí kan tí wọ́n fi Òyìnbó kọ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀.

“Ẹ bá mi tú u sí Yorùbá, mà. Ọ̀sán ọ̀la ni màá kà á fún ẹgbẹ́ onírẹsì ní Ìgbẹmọ. Bí kò bá yé wọn, wọ́n á tún máa kó ìrẹsì tí kò gbẹ pamọ́.”

“Etí fọ́tò rẹ dúdú bí ìdí ìkòkò. N ò ní í fojú díwọ̀n nọ́mbà. Tún un yà!”

Èkejì mọ́lẹ̀ kedere. Bí omi inú ìrẹsì bá ju ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìrẹsì náà á bu nínú àpò, àfúlátọ́síìnì á sì jáde nínú bíbu náà, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Fọláwùnmí sọ àfúlátọ́síìnì ní “májèlé bíbu.” Ó kà á sókè. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ṣùgbọ́n kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìkà á fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ó pe Ayọ̀níkẹ́, tó ń bọ ìrẹsì ní Ìgbẹmọ, tó sì wá já àpò ìrẹsì ní àdúgbò Fájuyì nítòsí ilé rẹ̀.

Ayọ̀níkẹ́ gbọ́ ọ tán, ó mirí. “Màmá Tíṣà, kò le rárá. Májèlé ṣáà ni. Kí èèyàn gbé epo pupa mu, á bì í.”

“Epo kẹ̀?”

“Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ni? Tàbí ká sè é dáadáa.”

Fọláwùnmí tún wo fọ́tò náà. Sísè kì í pa á, epo kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Orúkọ tó fún un ló kó àwọn oògùn májèlé wá sẹ́nu Ayọ̀níkẹ́.

“Ayọ̀níkẹ́, kí ni wọ́n kọ sínú ìwé àyẹ̀wò tí o ní oníbàárà yín fi dá ìrẹsì padà lọ́dún tó kọjá?”

“Áfúlá… ọ̀rọ̀ òyìnbó kan báyìí.”

“Ìyẹn ni!” Fọláwùnmí fi bírò fa ìlà gbọọrọ lórí “májèlé bíbu,” ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. “Arúgbó òpònú, o fẹ́ fi Yorùbá dídùn pa èèyàn!” ló fi bú ara rẹ̀.

Ó tún un kọ: “Àfúlátọ́síìnì ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àyẹ̀wò. Inú ìrẹsì tó bu ló ti ń jáde. Epo kì í pa á, iná kì í pa á. Ẹ má jẹ́ kí ìrẹsì bu rárá.” Níbi tó ti kọ “ìsè-ìdajì,” Ayọ̀níkẹ́ fi í rẹ́rìn-ín: “Bíbọ̀ là ń pè é nílé wa!” Fọláwùnmí pa ìyẹn náà rẹ́, ó fi “bíbọ̀” rọ́pò rẹ̀.

Ó tún un kà. Ayọ̀níkẹ́ ò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Kí epo má ràn án, kí iná má ràn án?” Ó dìde, ó gbá ìró mọ́dìí. “Àpò méjì wà nínú ulé mi tí n kò sá gbẹ.”

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Fọláwùnmí tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Monínúọlá.